Ìwé àṣẹ aṣojú láti ta ilé bàbá wa ní Àkóbọ̀: ibo ni kí n fi ààlà sí?

Àdùnní Mansẹ́sítà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Fúláàtì mẹ́rin ni, ó sì ní Sí-ọ́fù-Ó. Wọn ò ṣe wílì kí wọ́n tó lọ. Ọmọ mẹ́ta ni wá: èmi ni àgbà, mo wà ní Mansẹ́sítà, àbúrò mi obìnrin wà ní Tòróńtò, àbúrò wa ọkùnrin ló wà nílé. Ilé ẹjọ́ gíga fún èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ní ìwé ìṣàkóso ogún lọ́dún 2023, orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé kí a ta ilé náà.

Ọmọ mi kékeré, iṣẹ́ mi náà ò jẹ́ kí n lè máa wálé. Àbúrò mi ní kí n ṣe ìwé àṣẹ aṣojú fún òun. Lọ́yà tó bá a ṣiṣẹ́ ti kọ ọ́ ránṣẹ́, ó ní kí n kàn fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè ta ilé náà ní iye tó bá wù ú, ó lè fi dógò gba owó ní báńkì, ó lè fi tọrẹ, ó lè gba owó rẹ̀, ó lè gbé àṣẹ náà fún ẹlòmíràn, àti pé èmi ò gbọdọ̀ fagi lé e láé.

Mi ò fura sí àbúrò mi. Ọmọ dáadáa ni, òun ló tọ́jú bàbá wa títí wọ́n fi lọ. Àmọ́ ọwọ́ mi ò gbé e láti fọwọ́ sí irú ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí n yọ, kí sì ni kí n fi kún un?

Kúnlé Hústọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ó rọrùn. Ẹ kọ iye owó sí i. Ẹ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ tà á lábẹ́ iye báyìí. Ó parí. Èmi ta ilẹ̀ ìyá mi ní Ṣàgámù lọ́dún 2019 láti ibi, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, kò sí wàhálà kankan.

Ti pé kò ṣe é fagi lé, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Àwọn tó ń ra ilé ló fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé ẹ ò ní yí ohùn padà lọ́la. Bí ẹ bá yọ ọ́, owó ilé á wálẹ̀.

Bàbá Rámà

Àdùnní ọmọ mi, mo kí ọ. Ṣé ẹ ti sọ fún olórí ẹbí ni? Ilé bàbá ẹni kì í ṣe ọjà Dùgbẹ̀. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé, gbogbo ọmọ ló ni ilé, kì í ṣe ẹni tí ilé ẹjọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi àwọn ayálégbé síbẹ̀, kí àbúrò rẹ máa gba owó ilé, kí ẹ máa pín in lọ́dọọdún. Kí lẹ fẹ́ tà á sí?

Àdùnní Mansẹ́sítà

Ẹ ṣeun, sà. A ti jíròrò títà náà tipẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa sì mọ̀. Bí ìwé náà ṣe yẹ kó rí ni mo ń béèrè.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀

Mà, iṣẹ́ ilẹ̀ ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbe Bàbá lẹ́sẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe wílì jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Àbúrò yín tó wà ní Tòróńtò kò sí nínú ìwé ìṣàkóso, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ wà nínú ilé. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ pé òun mọ̀ sí títà náà, òun sì fara mọ́ ọn. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń ṣojú ẹni tó fẹ́ rà, yóò béèrè fún un.

Ó wá ku ohun tí mo rò pé kò tíì hàn sí yín. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fún ẹnì kan ṣoṣo ní ìwé ìṣàkóso. Ẹni méjì ló ń fún, kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ ìkejì. Bí ilé bá sì fẹ́ kúrò nínú ogún, ọwọ́ alákòóso méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú díìdì, ìwé òfin tí a fi ń gbé ilé fún ẹni tó rà á. Ọwọ́ kejì yẹn ni yín, mà. Bí ẹ bá wá kó gbogbo àṣẹ yín fún alákòóso kejì, ọwọ́ méjì ti di ọwọ́ kan nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í ṣe pé àbúrò yín á jalè. Bí onígbèsè bá ká a mọ́ lọ́la, kò sí ilẹ̀kùn kankan tó máa dá a dúró ni mo ń sọ.

Ohun kejì: ilé yìí kì í ṣe ti yín fúnra yín. Ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ni ín ni. Ẹni tí wọ́n fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ lè rán ẹlòmíràn níṣẹ́, kó bá òun gbé ìwé lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi, kó mú àwọn tó fẹ́ rà wo ilé, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ìpinnu, pé ta ni ká tà á fún, èló ni ká gbà, kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbé ìpinnu yẹn fún ẹlòmíràn, tí nǹkan sì bàjẹ́, àbúrò yín obìnrin lè bi yín léèrè nílé ẹjọ́, ẹ̀yin, kì í ṣe aṣojú yín nìkan.

Nítorí náà, ẹ yọ fífi dógò, ẹ yọ fífi tọrẹ, ẹ yọ gbígbé àṣẹ fún ẹlòmíràn. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ iye owó àti ti fífagi lé.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn iye owó yẹn o! Èmi kọ iye owó sínú ìwé tèmi. Ilé ìyá wa ní Ìlọrin, ọdún 2022, mo kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ lọ lábẹ́ ₦40 mílíọ̀nù. Nígbà yẹn, owó gidi ni. Ilé kò tètè tà. Wọ́n wá tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì kọjá ₦1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Gbogbo ilé àdúgbò gbówó lórí. Ní oṣù kẹta, ẹni tí mo fi ṣe aṣojú ta ilé náà ní ₦40 mílíọ̀nù géérégé.

Mo ké, mo sunkún. Lọ́yà tí mo lọ bá bi mí pé, "Kí ni ẹ kọ?" Ohun tí mo kọ ló ṣe. Ẹni tó rà á sì ti rí i nínú ìwé tèmi pé ₦40 mílíọ̀nù ni ìdí ọjà. Ta ló máa mọ ìdí ọjà tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Kúnlé Hústọ̀nù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Lóòótọ́, tèmi tà láàrin oṣù méjì, náírà ò tíì yí padà. Mo gbà pé ti iye owó le. Kí wọ́n wá kọ iye náà sínú lẹ́tà ọ̀tọ̀ fún àbúrò wọn nìkan, kí ẹni tó ń rà má rí i.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀

Bọ̀dá Kúnlé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ààlà tó wà nínú lẹ́tà ọ̀tọ̀ de aṣojú, kò de ẹni tó rà. Bí ìwé àṣẹ bá sọ pé "ó lè tà", tí lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sì sọ pé "má tà lábẹ́ báyìí", ẹni tó rà tí kò mọ̀ nípa lẹ́tà á wí pé ohun tí òun rí lòun bá lọ. Ó ṣeé ṣe kí ilé ẹjọ́ gbè é. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ lọ máa bá àbúrò yín ṣẹjọ́, ilé á sì ti lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ni pé ohun tó bá wà nínú ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ de gbogbo ayé. Ìwé àṣẹ aṣojú lórí ilẹ̀ jẹ́ ìwé tí à ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Sẹkitéríàtì. Ẹni tó bá ń rà gbọ́dọ̀ kà á, ilé ẹjọ́ sì máa ń kà á bó ṣe wà gan-an, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ò bá kọ pé ó lè ṣe, kò lè ṣe é.

Báwo la ṣe máa fi iye owó pamọ́ síbẹ̀ kí ó sì de ẹni tó rà? Ẹ má kọ iye kankan. Ẹ kọ ọ́ pé aṣojú lè wá oníbàárà, ó lè bá a dúnàádúrà, ṣùgbọ́n títà kankan kò múlẹ̀ àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá fọwọ́ sí ìwé kan tó dárúkọ ẹni tó ń rà àti iye tó máa san, kí a sì so ìwé náà mọ́ díìdì. Ẹni tó ń rà á rí i, á sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ béèrè fún ìwé yẹn kí òun tó sanwó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀. Bí náírà bá sì yí padà, ọwọ́ yín ni ìpinnu wà.

Ti kò ṣe é fagi lé: ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Kúnlé ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò bá ti yín mu. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tó ti sanwó, tó fẹ́ dáàbò bo owó rẹ̀. Àbúrò yín ò san kọ́bọ̀ fún yín. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1959 tí a jogún láti Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ sì fàyè gbà á pé kí ẹni tí kò sanwó ní àṣẹ tí kò ṣe é fagi lé fún àkókò kan pàtó, kí ó má ju oṣù 12 lọ. Láàrin àkókò yẹn, bí ẹ bá tiẹ̀ fagi lé e, bí ẹ bá tiẹ̀ kú pàápàá, ẹni tó rà lọ́wọ́ aṣojú wà lábẹ́ ààbò. Ẹ ò lè dá a dúró. Mo rọ̀ yín, ẹ yọ gbólóhùn yẹn pátápátá.

Ṣẹ́gun Sọ́fè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ilé náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ pé "gbogbo ohun ìní bàbá wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́". Ẹnì kan fi irú rẹ̀ ta oko kan tí àwọn ọmọ yòókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá wọn ní. Nọ́ńbà Sí-ọ́fù-Ó, nọ́ńbà ìwé sọ́fè, orúkọ òpópónà, kí ó wà níbẹ̀ gbogbo. Kí wọ́n sì so sọ́fè mọ́ ọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Dọ́blìnì

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ tó máa parí o. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù mẹ́fà ni mo kọ sínú tèmi, ilé kan ní Abẹ́òkúta. Oníbàárà yọ lóṣù karùn-ún, ó san ìdajì. Ó wá ku fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda gómìnà tí aṣojú mi máa fọwọ́ sí. Ìyọ̀ǹda yẹn pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà pè é láti wá fọwọ́ sí ohun kan, àṣẹ rẹ̀ ti parí. Mo tún ìwé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nótárì tuntun, owó tuntun, ẹni tó ń rà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó ní a fẹ́ gbá òun.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ gidi. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń pín àkókò náà sí méjì. Àṣẹ láti wá oníbàárà àti láti bá a ṣe àdéhùn máa parí ní ọjọ́ kan pàtó, ká ní oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n fún títà tí ẹ bá ti fọwọ́ sí kí ọjọ́ náà tó pé, àṣẹ láti lépa ìyọ̀ǹda gómìnà àti láti forúkọ díìdì sílẹ̀ á wà títí iṣẹ́ yẹn fi parí. Láìsí ìyọ̀ǹda yẹn, títà kò dúró lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, torí náà ẹ má ti aṣojú pa sórí rẹ̀.

Kí ó má sì tà á fún ara rẹ̀, fún ìyàwó rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, tàbí fún kọ́ḿpínì tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ò fẹ́ràn kí aṣojú rà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Bí ó bá tiẹ̀ fẹ́ ra ìpín yín, kó wá bá yín dúnàádúrà ní gbangba, ẹ̀yin àti ti Tòróńtò.

Títí Lẹ́kì

Owó ńkọ́? Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu kan ibi tí owó máa wọ̀. Mo ṣiṣẹ́ báńkì fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ fi ìwé ìṣàkóso ogún ṣí àkáǹtì ogún ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹ̀gbọ́n, BVN àti NIN yín gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì lè gbà wọ́n láti ibẹ̀.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé aṣojú kò láṣẹ láti gba owó ilé sí ọwọ́ ara rẹ̀, àti pé rìsíìtì tó bá kọ kò dá ẹni tó rà sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè àfi tí owó bá wọ àkáǹtì ogún náà. Ẹni tó ń rà á dààmú, á fẹ́ rí i pé ibi tó tọ́ lòun san owó sí. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà síbẹ̀.

Kúnlé Hústọ̀nù

Nọ́ńbà àkáǹtì nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ní Sẹkitéríàtì? Àwọn oníjìbìtì ńkọ́?

Títí Lẹ́kì

Nọ́ńbà àkáǹtì lásán kò lè gba owó jáde, bọ̀dá. Ọwọ́ ẹni méjì ló ń gbà á jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bẹ̀rù, orúkọ báńkì àti orúkọ àkáǹtì tó. Nọ́ńbà á wà nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n máa fi fọwọ́ sí iye owó.

Kúnlé Hústọ̀nù

Èmi ò fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù

Ibo lẹ ti máa fọwọ́ sí i, Àdùnní? Lọ́yà kan ní Pẹ́kámù fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu tèmi lásán, wọ́n dá a padà nílé.

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀

Iwájú nótárì ni, kì í ṣe lọ́yà èyíkéyìí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, apá 150, ní kí ilé ẹjọ́ gbà pé ìwé àṣẹ tí a fọwọ́ sí níwájú nótárì, adájọ́ tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà jẹ́ ojúlówó, àfi tí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn òǹtẹ̀ apositíìlì tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gba ìwé ara wọn, torí náà ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Àwọn kan gbà pé nótárì nìkan tó. Nínú òfin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí mo máa ń bá pàdé níbi ìforúkọsílẹ̀ máa ń wá òǹtẹ̀ Nàìjíríà lórí rẹ̀.

Kí ìwé náà sì jẹ́ díìdì, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, pẹ̀lú èdìdì. Ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kì í ṣe díìdì kò lè fọwọ́ sí díìdì fún yín.

Àdùnní Mansẹ́sítà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Mo pe àbúrò mi lálẹ́ àná. Mo kà á sí i létí bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo wí fún un pé ọwọ́ mi gan-an ni mo fẹ́ dè pẹ̀lú, torí àbúrò wa obìnrin lè bi mí léèrè. Ó ní òun ti gbọ́. Ó sì sọ ohun kan tí mi ò mọ̀: lọ́yà yẹn ló ní oníbàárà kan tó ti ń dúró, òun ló sì ní kí "kò ṣe é fagi lé" wà níbẹ̀.

Èyí ni mo kọ, kí lọ́yà mìíràn sọ ọ́ di ti òfin:

"Mo fún àbúrò mi láṣẹ, gẹ́gẹ́ bí alákòóso kejì ogún bàbá wa, láti wá ẹni tó máa ra ilé yìí nìkan, láti bá a dúnàádúrà, kí ó sì fọwọ́ sí díìdì lórúkọ mi. Títà kankan kò múlẹ̀ àfi tí mo bá ti fọwọ́ sí orúkọ ẹni tó ń rà àti iye owó, nínú ìwé tí a so mọ́ díìdì. Kò gbọdọ̀ fi ilé dógò, kò gbọdọ̀ fi tọrẹ, kò gbọdọ̀ tà á fún ara rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé àṣẹ yìí fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ lè gba lọ́yà àti asọ́fè síṣẹ́. Gbogbo owó yóò wọ àkáǹtì ogún tí àwa méjèèjì ń fọwọ́ sí. Àṣẹ yìí parí ní oṣù mẹ́sàn-án, àfi fún ìyọ̀ǹda gómìnà lórí títà tí mo ti fọwọ́ sí. Mo lè fagi lé e nígbàkígbà."

Ṣé nǹkan kan ṣì kù?

Agbẹjọ́rò Dùgbẹ̀

Ó dára gan-an, mà. Ohun kan ṣoṣo: ẹ wo ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá fagi lé e, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ ìfagilé náà sílẹ̀ níbi tí ẹ ti forúkọ ìwé àṣẹ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí aṣojú. Tí ẹ bá kàn pè é lórí fóònù pé ó ti tán, ẹni tó bá lọ wo ìwé ní Sẹkitéríàtì á ṣì rí i pé ó wà láàyè.

Ti oníbàárà tó ti ń dúró yẹn, kí àbúrò yín béèrè orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bàbá Rámà

Ti ayálégbé ńkọ́? Ta ló máa gba owó ilé títí wọ́n fi tà á?

Àdùnní Mansẹ́sítà

Háà, sà, ẹ ṣeun. Mi ò kọ ìyẹn síbẹ̀. Mo ń fi kún un lálẹ́ yìí.